Onílé ò dáhùn lórí omi tó ń jò: bí mo ṣe máa kọ ìránnilétí tó kàn

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ó ti pé oṣù méjì báyìí tí omi ti ń jò láti àjà balùwẹ̀ wa. Mo ti fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí onílé nígbà mẹ́rin, mo tún pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fèsì, wọ́n ní 'màá rán èèyàn wá', àtìgbà yẹn mi ò gbúròó wọn mọ́. Èyí tí mo kọ kẹ́yìn nìyí: 'Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà, ẹ jọ̀ọ́ omi yẹn ṣì ń jò o, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i.' Mi ò fẹ́ bá wọn jà, ṣùgbọ́n ó ti sú mi láti máa bẹ̀bẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa kọ èyí tó kàn? Àbí kí n kúkú dá owó ilé dúró ni?"

Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́sééjì yín tó kẹ́yìn yẹn ká wò ó dáadáa, torí inú ẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Kò sí àfojúdi kankan nínú ẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ kà á bí ẹni tó gbà á. "Omi yẹn", omi wo nìyẹn? Tí onílé bá ní ayálégbé mẹ́fà, ó dìgbà tó bá ronú kó tó rántí èyí tó jẹ́ tiyín. "Ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i", kí ni nǹkan ọ̀hún, ìgbà wo ló sì yẹ kó jẹ́? Kò sí ohun kankan níbẹ̀ tó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sí. Ó lè kà á, kó mirí, kó ní "òótọ́ ni o, omi yẹn", kó gbé fóònù sílẹ̀ kó máa bá tiẹ̀ lọ, ọkàn ẹ̀ ò sì ní dá a lẹ́bi torí kò rò pé òun jẹ yín ní ìdáhùn kankan. Iṣẹ́ àbójútó ilé fáwọn onílé ni mo ṣe fún ọdún 11 kí n tó fi í sílẹ̀, èmi ni irú mẹ́sééjì báyìí máa ń já lé lọ́wọ́, mo sì lè sọ fún yín pé èyí tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ọ̀la la máa ń sún un sí, ọ̀la náà á sì tún sún un síwájú. Èyí tó bá ní déètì nínú la máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn. A ò fẹ́ràn ẹni tó kọ ọ́ ju àwọn tó kù lọ o, déètì yẹn ló ń sún mọ́lé.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé onílé tí kò dáhùn, ìkà ni. Àwọn kan wà tó jẹ́ ìkà lóòótọ́, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mo rí, òmíì wà tó ti pe púlọ́ńbà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, púlọ́ńbà ní òun ń bọ̀, onílé wá gbà lọ́kàn ara ẹ̀ pé wọ́n ti ṣe é, tí mẹ́sééjì yín kejì bá wá dé á rò pé ẹ kọ ọ́ kí púlọ́ńbà tó débẹ̀ ni. Òmíì ò lówó lọ́wọ́, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́ fún ayálégbé. Òmíì ń retí kí àdéhùn yín parí kó lè tún gbogbo ilé ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òmíì sì wà tó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́, torí ó ti rí i tẹ́lẹ̀ pé tóun bá dákẹ́ pẹ́ tó, ayálégbé á fowó ara ẹ̀ ṣe é. Ẹ ò lè mọ èyí tí onílé tiyín jẹ́ níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, ẹ má sì yọ ara yín lẹ́nu láti mọ̀ ọ́n, torí mẹ́sééjì tó béèrè ọjọ́ ló máa tú àṣírí gbogbo wọn. Ẹni tó rò pé wọ́n ti ṣe é á pe púlọ́ńbà ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ò lówó á ní kẹ́ ẹ ṣe sùúrù títí di ìparí oṣù, ìyẹn náà ṣì jẹ́ ìdáhùn, a lè bá a sọ̀rọ̀ látibẹ̀. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ń dákẹ́ á dákẹ́ kọjá ọjọ́ tẹ́ ẹ dá, ìyẹn á sì wà lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ "bẹ̀bẹ̀" tẹ́ ẹ lò yẹn, mo fẹ́ ká yanjú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sanwó ilé yín lásìkò, àtúnṣe páìpù àti òrùlé kì í sábà jẹ́ ojú rere tí onílé ń ṣe yín, ara ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún ni, àfi tí ìwé àdéhùn yín bá sọ nǹkan míì (ẹ lọ kà á lónìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jù ú sísàlẹ̀ àpótí látọjọ́ tẹ́ ẹ kó wọlé). Torí náà ẹ má lo "ẹ jọ̀ọ́" ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ má sì tọrọ àforíjì pé ẹ ń yọ wọ́n lẹ́nu. "Ẹ kú àárọ̀ sà", "ẹ ṣeun", àti "ẹ" tẹ́ ẹ fi ń pè wọ́n, ọ̀wọ̀ nìyẹn, ó tó. Àmọ́ ẹ má wá lọ sí òdìkejì, torí èmi náà ti débẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣì ń gbélé onílé, páìpù kíṣìnì mi bẹ́, mo pe onílé títí kò gbé e, ló bá di alẹ́ ọjọ́ kan tí omi ti wọnú bàtà mi, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mo tẹ mẹ́sééjì gígùn kan sí i, mo ní irú èèyàn bíi tiẹ̀ ni kò yẹ kó nílé, mo ní ṣé tó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀ ló ń gbébẹ̀ bó ṣe máa ṣe nìyẹn. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi fèsì! Odindi ọ̀sẹ̀ méjì la fi jiyàn lórí ẹnu mi àti ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ páìpù mọ́. Èmi ni mo fún un ní ọ̀rọ̀ míì tó lè dáhùn. Látọjọ́ yẹn, tí mo bá kọ mẹ́sééjì tán, mo máa ń tún un kà, gbólóhùn èyíkéyìí tí onílé lè fèsì sí láì dárúkọ ohun tó bàjẹ́, mo máa ń pa á rẹ́.

Ó ku kẹ́ ẹ kó ẹ̀rí jọ, kò sì ní gbà ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ ṣí fóònù yín, ẹ kọ déètì mẹ́sééjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, àti ti ìpè méjèèjì, àti ọjọ́ tó ní òun máa rán èèyàn wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó lò gan-an. Ẹ ya fọ́tò ojú fóònù náà kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ síbòmíì, torí fóònù ń sọnù. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ gun àga tó dúró dáadáa, ẹ fa ìlà yí etí ibi tó ti pọ́n lórí àjà yẹn ká, kẹ́ ẹ kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ tún fa òmíì. Fọ́tò tó fi ìlà méjì hàn pẹ̀lú déètì méjì lágbára ju ogún fọ́tò omi lọ, torí ẹni tó fẹ́ jiyàn lè sọ pé àbàwọ́n yẹn ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ bẹ́ẹ̀ tó bá rí i pé ó ti kọjá ìlà. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀ náà, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó kún.

Ẹ tún kíyè sí ìgbà tó máa ń jò. Tó bá ń jò tọ̀sán tòru tí kò dáwọ́ dúró, páìpù tí omi máa ń wà nínú ẹ̀ nígbà gbogbo la máa kọ́kọ́ fura sí, ìyẹn èyí tó ń gbé omi wá sí ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń gbé lókè yín, tó sì jẹ́ ìgbà tó bá wẹ̀ tàbí tó bá da omi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀ lẹ ń rí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí jáde, tàbí àárín táìlì ló ti lanu. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn òjò nìkan, ojú máa lọ sí òrùlé. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí sínú mẹ́sééjì o. Omi máa ń rìn lórí igi àjà jìnnà kó tó kán sílẹ̀, ibi tó ti ń kán lè má sún mọ́ ibi tó ti ń jò rárá, mo ti rí i tí ayálégbé kọ pé òrùlé ló lu, onílé rán ẹni tó ń kan páànù wá, ẹni yẹn ní kò sí nǹkan tó ṣe òrùlé, onílé wá kà á sí pé irọ́ ni wọ́n pa fóun, oṣù kan gbáko tún lọ bẹ́ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ fojú rí àti ìgbà tẹ́ ẹ rí i ni kẹ́ ẹ kọ, ẹni tó mọṣẹ́ á sọ ohun tó fà á.

Tí omi yẹn bá ti dé ibi tí bọ́ọ̀bù wà, tàbí tí àjà ti ń tẹ̀ wálẹ̀ bí ikùn aláboyún, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, ẹ má dúró kọ ìránnilétí ọlọ́jọ́ méje kankan. Ẹ pa iná apá ibẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń pa á, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ tútù kàn án, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dúró sábẹ́ ẹ̀, ẹ pe onílé lọ́jọ́ yẹn gan-an kẹ́ ẹ sì kọ mẹ́sééjì tẹ̀ lé e pé lónìí lẹ ń retí ẹni tó máa wò ó.

Tí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé. Èmi ni mo fi àwọn déètì àti ìwọ̀n sí i, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ sí tiyín:

"Ẹ kú àárọ̀ sà. Èmi ni ayálégbé yín ní fúláàtì 4. Mo ń kọ̀wé lórí omi tó ń jò láti àjà balùwẹ̀ wa, tí mo kọ́kọ́ sọ fún yín ní 6 oṣù Kẹta. Mo tún kọ̀wé ní 19 oṣù Kẹta, 8 oṣù Kẹrin àti 24 oṣù Kẹrin, mo sì pè yín ní 12 àti 30 oṣù Kẹrin. Ní 20 oṣù Kẹta ẹ fèsì pé ẹ máa rán èèyàn wá, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì dé. Tọ̀sán tòru ló ń jò, bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10 tá a gbé sábẹ́ ẹ̀ ń kún láàárín ọjọ́ kan. Àbàwọ́n orí àjà tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 ní 24 oṣù Kẹrin ti di 35 lónìí, 6 oṣù Karùn-ún. Fọ́tò mẹ́ta wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí ẹni tó máa tún un ṣe ń bọ̀, ó pẹ́ tán 13 oṣù Karùn-ún, kí iṣẹ́ náà sì parí, ó pẹ́ tán 20 oṣù Karùn-ún. Mo máa ń wà nílé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àti láti àárọ̀ ní Sátidé. Tó bá jẹ́ àkókò míì ló rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ sọ fún mi, màá wá ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn. Tí nǹkan kan bá ń dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Tí mi ò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín títí di 13, màá fi gbogbo déètì yìí kọ lẹ́tà sí yín, màá sì lọ béèrè ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ ṣeun sà."

Ẹ ó rí i pé kò sí "ó ti pẹ́ jù", kò sí "ẹ ò kà wá sí". Àwọn déètì mẹ́fà yẹn ti sọ ọ́, ẹni tó bá kà wọ́n tán, ara ẹ̀ ni ojú á ti tì í, ẹ ò ní láti bá a fi kún un. Ìlérí tó ṣe náà, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ni mo dá padà fún un, mo sì dúpẹ́ lórí ẹ̀, ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí ẹni tó ní ìtìjú lára fẹ́ mú ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ṣẹ. Ọjọ́ méjì ni mo dá torí ohun méjì ni mo ń béèrè: kò ná an ní nǹkan kan láti sọ ọjọ́ tí èèyàn máa wá, ọ̀sẹ̀ kan ti pọ̀ tó fún ìyẹn, ṣùgbọ́n àtúnṣe fúnra ẹ̀ lè gba pé kí wọ́n ra páìpù, kí wọ́n gé àjà, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ, tẹ́ ẹ bá wá ní kí gbogbo ẹ̀ parí lọ́la, ẹ ti fún un láyè láti pè yín ní ẹni tí kò mòye. "Kíákíá" àti "láìpẹ́" kì í ṣe déètì, ẹ má lò wọ́n. Ti àkókò tẹ́ ẹ máa ń wà nílé, àwọn kan máa ń fò ó, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni àwáwí tí mo gbọ́ jù nígbà tí mo wà nídìí iṣẹ́ yẹn, pé púlọ́ńbà wá, kò bá ẹnikẹ́ni nílé. Mo sì fi nǹkan kan ṣoṣo síbẹ̀. Tí súwíìṣì kan bá tún bàjẹ́ níbẹ̀, tàbí tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò bá ṣeé tì dáadáa, ẹ kọ ìyẹn sí mẹ́sééjì míì, torí tẹ́ ẹ bá kọ nǹkan márùn-ún pọ̀, èyí tó rọrùn jù nínú ẹ̀ ló máa ṣe, á sì ní òun ti dá yín lóhùn.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ọwọ́ máa ń gbọ̀n lórí ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe lóòótọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ. Tẹ́ ẹ bá kọ pé lọ́yà yín máa pè é, tẹ́ ẹ ò sì ní lọ́yà, tó bá di ọjọ́ kẹrìnlá tí ẹnikẹ́ni ò pè é, ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yín ò ní eegun nínú, ó sì máa rántí ẹ̀ nígbà míì. Lẹ́tà rọrùn, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Lílọ béèrè ìmọ̀ràn náà rọrùn.

Ní ti owó ilé, ẹ má dá a dúró. Mo mọ̀ pé inú èèyàn máa ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì dà bíi pé òun nìkan ni ohun tí onílé máa tètè gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dá a dúró, ẹ̀yin lẹ ti di ẹni tó jẹ gbèsè, ọ̀rọ̀ omi á sì di ìkejì. Òfin ibì kan wà tó fàyè gba pé kí ayálégbé tún nǹkan ṣe kó yọ ọ́ nínú owó ilé, ibòmíì ò sì gbà á rárá, ibi tí wọ́n ti gbà á gan-an, ìlànà wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Torí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ òfin ibi tẹ́ ẹ ń gbé. Èyí tí mo lè fọkàn bá yín sọ ni pé kí onílé fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà kẹ́ ẹ ṣe é, pé iye báyìí ni, pé ẹ máa yọ ọ́ nínú owó ilé oṣù báyìí. Tó bá jẹ́ lórí fóònù ló ti sọ ọ́, ẹ kọ mẹ́sééjì lẹ́yìn ìpè náà: "Gẹ́gẹ́ bá a ṣe sọ ọ́ láàárọ̀ yìí, ẹ gbà pé...", kẹ́ ẹ dúró kó fèsì kẹ́ ẹ tó pe púlọ́ńbà. Ohun tó bọ́ sẹ́nu fóònù nìkan, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ẹ má fi òru ránṣẹ́, ẹ má sì fi í sáàárín ọ̀rọ̀ míì tẹ́ ẹ jọ ń sọ. Tó bá ní éjẹ́ńtì tó ń gba owó ilé fún un, ẹ fi ẹ̀dà kan náà ránṣẹ́ sí i láì yí ọ̀rọ̀ kankan padà, éjẹ́ńtì ò ní fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun mọ̀ òun sì dákẹ́. Tí 13 bá wá kọjá láìsí ìdáhùn, ní 14 gan-an ni kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà yẹn sórí ìwé, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹ kàn máa fi mẹ́sééjì tó kẹ́yìn kún déètì ẹ̀, ẹ mú un lọ fúnra yín, kẹ́ ẹ ní kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Tó bá sì jẹ́ pé "màá rán èèyàn wá" yẹn náà ló tún fi fèsì, ìdáhùn yín ò ju ìlà kan lọ: "Ẹ ṣeun sà. Ọjọ́ wo ni kí n máa retí wọn?" Ẹ má fi nǹkan kan kún un.

Ohun tí mi ò lè ṣèlérí fún yín ni pé inú ẹ̀ máa dùn, tàbí pé kò ní rántí ẹ̀ nígbà tí àdéhùn yín bá parí. Àwọn onílé kan wà tí kò ní fẹ́ gba ayálégbé tó mọ déètì kọ mọ́, òfin ibòmíì dáàbò bo yín lórí ìyẹn, ibòmíì ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Tó bá jẹ́ pé oṣù méjì ló kù fún yín níbẹ̀, tẹ́ ẹ sì ti ń wálé míì, ó lè jẹ́ pé ìdí tẹ́ ẹ fi máa kọ ọ́ ni kí wọ́n má bàa ní ẹ̀yin lẹ ba àjà jẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó jáde. Ìyẹn nìkan náà tó kẹ́ ẹ kọ ọ́.

Tí wọ́n bá wá ṣe é, ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà pé wọ́n wá, pé ẹ dúpẹ́, pé ẹ máa wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kẹ́ ẹ wá gun àga yẹn padà, kẹ́ ẹ fa ìlà pẹ́ńsù tuntun kan, kẹ́ ẹ kọ déètì sí i.